Owó ti kúrò lórí káàdì, ọjà kò dé: Báwo ni báńkì ṣe lè pe owó yín padà, àwọn ẹ̀rí wo ló sì yẹ kó wà lọ́wọ́ yín?

Ní ìparí ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà kéde fún àwọn oníbàárà wọn pé káàdì náírà kò ní lè sanwó ọjà ilẹ̀ òkèèrè mọ́, nítorí pé dọ́là ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2025, àwọn báńkì kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn náà padà. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, bẹ́ẹ̀ ni àròyé àtijọ́ kan tún padà wọlé: owó ti kúrò lórí káàdì, òǹtajà ti sọ pé ọjà ń bọ̀, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́, a kò rí ẹrù.

Ọ̀nà kan wà tí òfin káàdì là sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè é ní "chargeback", orúkọ yẹn tàbí "dispute" ni ẹ ó sì rí lórí fọ́ọ̀mù wọn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, pípe owó padà ni a ó máa pè é, nítorí pé ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: báńkì yín yóò pe owó tí ẹ ti san padà láti ọwọ́ báńkì òǹtajà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbìyànjú ọ̀nà yìí ló padà wá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, bẹ́ẹ̀ sì ni òtítọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n pàdánù nítorí pé wọ́n gba ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn wọlé, tàbí nítorí pé ẹ̀rí tó yẹ kí wọ́n kó jọ ní ọjọ́ kìíní ti pòórá kí wọ́n tó wá a.

Ta ló ń dá ẹjọ́ yìí?

Nígbà tí ẹ bá fi káàdì rajà, owó náà kì í fò lọ tààrà sọ́wọ́ òǹtajà. Ó ń gba ọwọ́ báńkì tó fún yín ní káàdì, ó ń gba ojú ọ̀nà ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì, bíi Visa tàbí Mastercard, kó tó dé ọwọ́ báńkì tó ń gbowó fún òǹtajà. Láàárín wọn, ilé iṣẹ́ agbowó-orí-ayélujára lè wà pẹ̀lú, irú bíi Paystack tàbí Flutterwave ní Nàìjíríà.

Bí owó ṣe lọ, ọ̀nà yẹn kan náà ni yóò gbà padà. Báńkì yín ni yóò gbé ẹjọ́ náà lọ; báńkì òǹtajà ni yóò bi oníbàárà tirẹ̀ léèrè; òfin ilé iṣẹ́ káàdì ni wọn yóò sì fi wọ̀n ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń ka ìwé yín kò mọ̀ yín, kò gbọ́ ohùn yín, kò sì rí omijé yín. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ló mọ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, dandan ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu òǹtajà pẹ̀lú kí owó tó padà pátápátá.

Èyí ló fà á tí pípe owó padà fi yàtọ̀ sí owó tí ẹ̀rọ yọ lórí àkáǹtì láìjẹ́ pé òwò náà parí. Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ ATM tí owó kò jáde, tàbí tí ẹ̀rọ POS yọ owó ṣùgbọ́n tí ìsanwó kò kẹ́sẹ járí, àṣìṣe ẹ̀rọ nìyẹn, ọjọ́ díẹ̀ péré ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, fún àwọn báńkì láti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ọjà tí kò dé kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ. Ìsanwó náà kẹ́sẹ járí. Àdéhùn ni kò ṣẹ. Àdéhùn sì ni ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn.

Gbólóhùn kan tó ń ba ẹjọ́ jẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ báńkì yóò bi yín ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nítorí ìbínú, wọ́n á ní: "Wọ́n ti jí owó mi lórí káàdì." Òṣìṣẹ́ yóò ti káàdì pa lójú ẹsẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà sọ pé òun kọ́ ni òun sanwó.

Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nínú òfin káàdì, ẹni tó ní òun kò mọ̀ nípa ìsanwó kan ń sọ pé olè ló lo káàdì òun. Òǹtajà yóò wá mú orúkọ yín, àdírẹ́sì yín, ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, àti òǹkà OTP tí ẹ tẹ̀ láti fọwọ́ sí ìsanwó náà jáde. Ó ti fi hàn pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ rà á, ẹjọ́ sì parí síbẹ̀. Bí ẹ bá wá yí ohùn padà lẹ́yìn náà pé ọjà ni kò dé, ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan ni wọn yóò fi wò yín.

Gbólóhùn tó tọ̀nà kò gùn: "Èmi ni mo fi káàdì mi sanwó. Ọjà tí mo sanwó rẹ̀ kò dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi. Mo ti kàn sí òǹtajà, kò yanjú rẹ̀." Nínú ìwé òfin Visa, nọ́mbà 13.1 ni wọ́n fún irú ẹjọ́ yìí. Ti Mastercard wà lábẹ́ nọ́mbà 4853. Kò pọn dandan kí ẹ há nọ́mbà wọ̀nyí sórí, ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù báńkì bá ní kí ẹ yan ìdí, ìdí tó sọ pé ọjà kò dé ni kí ẹ yàn, kì í ṣe èyí tó sọ pé ẹ kò mọ ìsanwó náà.

Àpẹẹrẹ kan: maṣíìnì ìránṣọ tó "dé" sí Kánò

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká sọ pé obìnrin kan tó jẹ́ télọ̀ ní Ìbàdàn fi káàdì Visa olówó dọ́là ra maṣíìnì ìránṣọ kan lọ́wọ́ òǹtajà ilẹ̀ òkèèrè ní ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, ọdún 2025. Maṣíìnì jẹ́ dọ́là 240, owó ìkẹ́rù sì jẹ́ dọ́là 38, gbogbo rẹ̀ wá di dọ́là 278. Lójú ìwé tó ti sanwó, wọ́n kọ ọ́ pé ẹrù yóò dé kò pẹ́ ju ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹrin lọ.

Ní ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, ó yẹ nọ́mbà ìtọpinpin ẹrù wò lórí ayélujára. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti fi ẹrù jíṣẹ́ láti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta. Ṣùgbọ́n Kánò ni ìlú tí wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe Ìbàdàn.

Ó kọ̀wé sí òǹtajà lọ́jọ́ náà gan-an. Èsì tó gbà lọ́jọ́ kejì ni pé àkọsílẹ̀ àwọn fi hàn pé ẹrù ti dé, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó dúró di ìgbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá. Ní ọjọ́ keje, oṣù Kẹrin, ó tún kọ̀wé: kí wọ́n fi maṣíìnì mìíràn ránṣẹ́ tàbí kí wọ́n dá dọ́là 278 padà sórí káàdì kan náà, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà. Kò rí èsì. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí báńkì rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé obìnrin yìí kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ ni ó ń kó jọ. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tí ojú rẹ̀ rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ là.

Àwọn ẹ̀rí tó yẹ kí ẹ kó jọ

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni àdéhùn fúnra rẹ̀: ojú ìwé tàbí ímeèlì tó fi orúkọ ọjà hàn, iye rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rà á, àdírẹ́sì tí ẹ ní kí wọ́n gbé e wá sí, àti ọjọ́ tí wọ́n ní yóò dé. Ọjọ́ tí kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí ni ọjọ́ tí ẹ sanwó. Òǹtajà tó fẹ́ jẹni níyà lè yọ ojú ìwé rẹ̀ kúrò lórí ayélujára, tàbí kó yí ọjọ́ tó wà níbẹ̀ padà. Bí ẹ bá ń ya àwòrán ojú fóònù, ẹ jẹ́ kí àdírẹ́sì ojú ìwé náà hàn lókè, kí ọjọ́ sì hàn pẹ̀lú. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yẹn, ọjọ́ tí wọ́n dá ló ṣe kókó jù, nítorí pé láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ẹ̀rí kejì ni ìsanwó: ìwé àkáǹtì tó fi iye owó, ọjọ́, àti orúkọ tí òǹtajà fi gbowó hàn. Orúkọ yìí lè yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé èyí nínú ìwé yín kí ó má baà rú ẹni tó ń kà á lójú. Òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. Báńkì kò nílò PIN yín, kò nílò òǹkà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, kò sì nílò OTP láti pe owó padà. Ẹni tó bá béèrè ìwọ̀nyí lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ bá yín gba owó padà, olè kejì ló dé yẹn.

Ẹ̀rí kẹta ni pé ẹ ti kọ́kọ́ kàn sí òǹtajà. Òfin Visa fẹ́ kí oníbàárà gbìyànjú láti yanjú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú òǹtajà kó tó dé báńkì. Ìpè fóònù kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ìwé ni kí ẹ kọ, ì báà jẹ́ ímeèlì tàbí WhatsApp, kí ẹ béèrè ohun kan pàtó, kí ẹ sì dá ọjọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ọjà mi dà?" kò lágbára tó ìwé tí télọ̀ yẹn kọ ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin, tó sọ ohun tó fẹ́, iye owó, àti ọjọ́ tó kẹ́yìn. Bí òǹtajà kò bá dáhùn, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ pàápàá ti di ẹ̀rí.

Ẹ̀rí kẹrin ló ṣòro jù, nítorí pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi hàn. Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi hàn pé ohun kan kò dé? Ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé ẹrù lọ. Télọ̀ inú àpẹẹrẹ wa lọ sí ilé iṣẹ́ tó gbé ẹrù náà dé Nàìjíríà, ó fi nọ́mbà ìtọpinpin hàn wọ́n, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ìlú tí wọ́n ti fi ẹrù náà jíṣẹ́, orúkọ tàbí àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ẹrù gbà wọlé, NIPOST ni kí ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n ẹrù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn. Àwọn oníjìbìtì kan máa ń fi àpòòwé kékeré ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí nọ́mbà ìtọpinpin lè sọ pé "ó ti dé". Nígbà mìíràn, ìlú yín gan-an ni wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí, kí ìlú má baà tú àṣírí wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fi maṣíìnì ìránṣọ tó wúwo tó kílò 9 sínú àpòòwé tí kò ju gíráàmù 80 lọ. Bí ìlú bá bára mu tí ìwọ̀n kò bára mu, ìwọ̀n ni yóò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ojú kan. Ní Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni báńkì yóò fẹ́ kà á. Ní Kútọnu tàbí Lomé, èdè Faransé ni. Kókó rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

"Ní ọjọ́ 3, oṣù 3, ọdún 2025, mo fi káàdì mi tó parí pẹ̀lú òǹkà wọ̀nyí san dọ́là 278 fún maṣíìnì ìránṣọ kan. Òǹtajà ní yóò dé Ìbàdàn kò pẹ́ ju ọjọ́ 4, oṣù 4 lọ. Kò tíì dé títí di òní. Mo kọ̀wé sí òǹtajà ní ọjọ́ 2 àti ọjọ́ 7, oṣù 4. Nọ́mbà ìtọpinpin tó fún mi fi ẹrù kan hàn tó dé sí Kánò, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 80. Mo fẹ́ kí gbogbo owó náà padà. Àwọn ẹ̀rí márùn-ún wà lẹ́yìn ìwé yìí."

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìtàn ìyà. Ẹni tó bá kà á lè fi ìka tọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dé ìdí ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ fún ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà, kí nọ́mbà náà sì hàn nínú ìwé.

Ọjọ́ ń lọ: báwo ni wọ́n ṣe ń kà á?

Lábẹ́ òfin Visa, ọgọ́fà ọjọ́, ìyẹn ọjọ́ 120, ni báńkì ní láti gbé irú ẹjọ́ yìí kalẹ̀. Láti ọjọ́ tó kẹ́yìn tí oníbàárà ń retí ọjà ni wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Fún télọ̀ wa, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin ni, nítorí náà ọjọ́ 120 pé ní ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin ló dé báńkì, ó sì ku ọjọ́ 108 gbáko.

Kí ló dé tó fi yára tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé báńkì ni òfin fún ní ọjọ́ 120 náà, kì í ṣe oníbàárà. Báńkì nílò àkókò láti ka ìwé, láti béèrè èyí tó kù, kó tó fi ẹjọ́ ránṣẹ́. Ẹni tó bá dé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gọ́fà lè rí i pé òun dé kí àkókò tó pé, ṣùgbọ́n báńkì òun kò dé.

Àwọn òǹtajà aláìṣòótọ́ mọ ìṣirò yìí dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní: "Ẹ fún wa ní oṣù kan sí i." Nígbà tí oṣù náà bá pé, wọ́n á tún tọrọ òmíràn. Bí ẹ bá gbà fún wọn ní kíkọ sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ń retí ọjà lè sún síwájú, ṣùgbọ́n Visa ní ààlà kan tí kì í sún: ọjọ́ 540 láti ọjọ́ tí ìsanwó wọlé. Ohun tó dára jù ni kí ẹ má fi ọjọ́ tuntun kankan fún òǹtajà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí òǹtajà kò bá dá ọjọ́ kankan ńkọ́? Visa ní kí báńkì dúró fún ọjọ́ 15 lẹ́yìn ìsanwó kó tó gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó sáré lọ sí báńkì ní ọjọ́ karùn-ún, wọn yóò ní kó padà wá. Ẹ má kà á sí ìwà àìbìkítà. Ẹ lo àkókò náà láti fi ìwé béèrè lọ́wọ́ òǹtajà ọjọ́ tí ọjà yóò dé.

Nígbà tí òǹtajà bá fèsì

Bí òǹtajà bá dákẹ́ títí àkókò tó ní láti fèsì fi kọjá, owó yóò dúró sọ́wọ́ oníbàárà. Bí ó bá fèsì, ẹ̀rí ìfijíṣẹ́ ni yóò fi ránṣẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ojú ìwé ìtọpinpin tó sọ pé ẹrù ti dé ni òǹtajà mú jáde. Báńkì pe télọ̀ pé kó wá fèsì. Ìwé ilé iṣẹ́ akẹ́rù tó ti wà nínú ẹ̀rí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èsì: Kánò ni, kì í ṣe Ìbàdàn, gíráàmù 80 ni, kì í ṣe kílò 9.

Ká ní kò ti gba ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ì bá fi dojú kọ àkọsílẹ̀ kan tó ní ọjọ́ àti àmì. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ ló máa ń borí. Bí báńkì méjèèjì kò bá sì gbà fún ara wọn, ilé iṣẹ́ káàdì fúnra rẹ̀ ni yóò dá a, ẹni tó bá jẹ̀bi ni yóò sì san owó ẹjọ́, tó lè jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Báńkì kan kì í fẹ́ bá yín dé ibẹ̀ nítorí dọ́là 278 bí ẹ̀rí yín kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí ni ìdí tó fi yẹ kí ẹ̀rí pé láti ìpele àkọ́kọ́.

Ohun méjì mìíràn máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìpele yìí. Àkọ́kọ́, báńkì lè dá owó padà sínú àkáǹtì yín fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ẹ má ná an. Bí òǹtajà bá borí, wọn yóò yọ ọ́ padà. Ìkejì, òǹtajà lè kọ̀wé pé òun ti ṣe tán láti sanwó, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ lọ fagi lé ẹjọ́ ní báńkì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ kí owó tó wọlé. Ẹjọ́ tí oníbàárà bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ṣòro láti jí dìde. Bí owó bá wọlé láti ọ̀dọ̀ òǹtajà, ẹ sọ fún báńkì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì yóò dá ọ̀kan padà.

Fún ẹni tó fi káàdì náírà rajà ní dọ́là, iye náírà tó padà lè má bá iye tó jáde mu, nítorí pé iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là ní ọjọ́ tó padà ni wọ́n lè lò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó fi ẹ̀sùn àṣìṣe kàn wọ́n.

Àwọn tí ilẹ̀kùn yìí kò ṣí fún

Ààlà ọ̀nà yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún àwọn ará Nàìjíríà, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi káàdì rajà lórí ayélujára. A máa ń fi owó ránṣẹ́ tààrà láti àkáǹtì wa sí ti òǹtajà. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò gba ọ̀nà Visa tàbí Mastercard rárá, nítorí náà kò sí ẹ̀tọ́ pípe owó padà lórí rẹ̀. Báńkì lè bá yín kọ̀wé sí báńkì kejì, ọlọ́pàá lè wá ẹni náà, ṣùgbọ́n òfin káàdì kò lè ràn yín lọ́wọ́. Nígbà tí òǹtajà tí ẹ kò mọ̀ rí bá ní káàdì òun kò ṣiṣẹ́ lónìí, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, ààbò yìí gan-an ló ń gbà kúrò lọ́wọ́ yín.

Bí àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ yín bá dá ẹrù dúró ní ibodè tàbí ní pápákọ̀ òfuurufú, Visa kò kà á sí ọjà tí òǹtajà kò fi ránṣẹ́. Ó ti ṣe tirẹ̀. Owó orí ẹrù tàbí ìwé àṣẹ ló kù. Kí ẹ tó lọ sí báńkì, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹrù wà. Bákan náà, bí ọjà bá dé ṣùgbọ́n tó ti bàjẹ́, tàbí tí kì í ṣe irú èyí tí ẹ rà, ẹjọ́ mìíràn ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí ìdajì ọjà bá dé, iye ìdajì tí kò dé nìkan ni ẹ lè pè padà.

Bí káàdì náà bá jẹ́ ti Verve, tàbí tí òǹtajà àti oníbàárà bá jọ wà ní Nàìjíríà, ìlànà àti iye ọjọ́ lè yàtọ̀ sí ohun tí a kà sókè yìí, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ yìí ni ìsanwó máa ń gba ọwọ́ wọn. Ẹ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye ọjọ́ tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ báńkì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dáhùn nínú ìwé.

Bí báńkì yín bá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹjọ́ sùn, ẹ gba nọ́mbà àròyé lọ́wọ́ báńkì. Láìsí nọ́mbà yìí, ó dàbí ẹni pé ẹ kò débẹ̀ rí. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ káàdì pẹ̀lú, nítorí pé fọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ kò dá ìkà ọjọ́ 120 dúró.

Ìlànà CBN ni pé báńkì ni kí oníbàárà kọ́kọ́ gbé àròyé rẹ̀ lọ bá. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sí èsì tó nítumọ̀, ẹ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka ààbò oníbàárà ti CBN ní cpd@cbn.gov.ng, kí nọ́mbà àròyé àti àwọn ẹ̀rí yín wà níbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń fẹ̀sùn kàn án, ṣá o. Ẹjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ báńkì ilẹ̀ òkèèrè lè gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Ohun tí ẹ lè fi sun báńkì ni pé kò fi ẹjọ́ ránṣẹ́, tàbí pé ó kọ̀ láti sọ ibi tó dé. Bí òǹtajà bá wà ní Nàìjíríà, FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, lè gbọ́ àròyé yín nípa òun fúnra rẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ìlú tó wà lára àkọsílẹ̀ àti ìwọ̀n tó wà nínú ìwé akẹ́rù ló gba dọ́là 278 padà. Òǹtajà kò jẹ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó jẹ́wọ́. Ojú ìwé tí télọ̀ yẹn ti ya àwòrán rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, nígbà tí kò tíì sí ìjà, ni wọ́n fi wọn ọ̀rọ̀ òǹtajà, wọ́n sì rí i pé kò bára mu.